Àwòrán Kọkànlá

Bí o bá fẹ́ mọ irú ẹni tí Lusungu Chavula jẹ́ ní àdúgbò Luwinga, ìwé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ni kí o kọ́kọ́ kà. Ojú ewé kan péré ni, ó sì fi ọ̀rá bò ó kí ọwọ́ oníbàárà má baà dọ̀tí rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí ó fi ọ̀rọ̀ júwe nǹkan fún ẹ̀rọ, kí ẹ̀rọ ya á jáde, kí àwọn oníṣòwò kéékèèké sì fi àwòrán náà polówó ọjà wọn. Àwọn kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Kí wọ́n wá jókòó tì í fún ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bàbá rẹ̀ ló jẹ́ kó kọ ìwé náà. Pátákó ṣọ́ọ̀bù ni bàbá náà ń kùn nígbà ayé rẹ̀, àwọn ènìyàn a sì máa sọ fún un pé, "Ẹ bá wa tún igun yìí ṣe díẹ̀," títí tí ọ̀dà á fi jẹ èrè tán. Nígbà tó kú, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta péré ló fi sílẹ̀. Nítorí náà, Lusungu kọ ọ́ sílẹ̀ gbangba pé ìgbà mẹ́ta ni òun ń ṣe iṣẹ́ kan, àwòrán mẹ́rin nígbà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá fẹ́ ìgbà kẹrin á san owó tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó kọ ọ́ pé owó àwòrán àpò ọjà yàtọ̀ sí ti pátákó ojú títì, owó ọdún kan sì yàtọ̀ sí ti ọdún méjì. Ó wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé èyí tí oníbàárà bá mú nìkan ni tirẹ̀. Lusungu lè ta ìyókù fún ẹlòmíràn, àfi bí oníbàárà bá san àfikún kó lè kó gbogbo rẹ̀. Òfin kò tíì là á yé ẹnikẹ́ni ta ló ni àwòrán tí ẹ̀rọ yà. Ìlérí ni ohun tí Lusungu ń tà ní ti gidi, ó sì máa ń mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ NyaMhango wá bá a láti ìlú Ekwendeni lóṣù kẹrin. Ó ń lọ àgbàdo, sóyà àti ẹ̀pà pọ̀ fún ẹ̀kọ ọmọdé, ó sì fẹ́ ní àpò tó dára tí yóò máa dì í sí.

"Ìyá àgbà kan ni mo fẹ́ lára rẹ̀," ló wí. "Ó dúdú. Ó ní èjí. Àpá kékeré kan wà lókè ojú òsì rẹ̀. Ó ró aṣọ, ibi tó ti so ó sì wà lápá ọ̀tún. Ọ̀tún o, kì í ṣe òsì."

Lusungu bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin mà mọ ohun tẹ́ ẹ fẹ́ o, Mama! Àwọn ẹlòmíràn á kàn ní 'ìyá arúgbó tó ń rẹ́rìn-ín' ni. Ṣé ẹ ní fọ́tò rẹ̀ ni?"

"Fọ́tò wo? Mo kàn ń júwe ni."

Nígbà àkọ́kọ́, àwọn ìyá tó jáde sanra jù, wọ́n dà bí aya mínísítà. Nígbà kejì, àpá bọ́ sójú ọ̀tún. Nígbà kẹta, NyaMhango wo àwòrán kọkànlá, ó wò ó pẹ́, ó sì da fóònù Lusungu dé sórí itan ara rẹ̀.

"Kì í ṣe èyí."

"Mama, gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ ló pé síbẹ̀! Ẹ wo èjí. Ẹ wo ibi tó so aṣọ sí."

"Mo ní kì í ṣe èyí. Ẹ fún mi ní ìkẹrin ti àkọ́kọ́ yẹn."

Inú Lusungu dùn. Ìgbà mẹ́ta géérégé, kò sí àríyànjiyàn. Ó bi í bóyá ó fẹ́ kó àwọn mọ́kànlá yòókù, kí ẹlòmíràn má baà lò wọ́n.

"Kí ni n ó fi wọ́n ṣe?" ni NyaMhango dáhùn, ó sì fọwọ́ sí ìwé. Iye ìgbà ni Lusungu ń kà lọ́jọ́ náà. Kò wo ojú obìnrin náà rárá.

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni ọlọ́ṣẹ kan tó ń jẹ́ Kumwenda dé pẹ̀lú ìkánjú. Ó fẹ́ ìyá àgbà kan tí yóò máa júwe ọṣẹ fún àwọn ìyàwó ilé. Lusungu kó àwọn tó ṣẹ́ kù hàn án, Kumwenda sì mú ìkọkànlá. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀: àwòrán ara ògiri, agbègbè Àríwá nìkan, ọdún méjì. Kò pẹ́ tí ìyá náà fi wà lára ògiri ilé ìtajà kan ní ibùdókọ̀ Ekwendeni, tó gbé ọṣẹ ìfọṣọ sókè.

NyaMhango wọlé tọ Lusungu wá láìkí ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ìkíni lásán lè gba ìdajì wákàtí nílùú wọn.

"Ta ló ní kí o gbé ìyá mi lọ ta ọṣẹ?"

Lusungu dìde. "Ìyá yín kẹ̀?"

"Kò ya fọ́tò rí láyé rẹ̀. Ó ti ju ogún ọdún lọ tó ti kú, díẹ̀díẹ̀ sì ni ojú rẹ̀ ń lọ lọ́kàn mi. Ọjọ́ tó yọ lórí fóònù rẹ, àyà mi já. Ṣé kí n wá gbé e sára àpò tí wọ́n á ju sínú kòtò? Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kì í ṣe òun."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"Kí ló dé tó ò bi mí?"

Ọwọ́ Lusungu ti ń lọ síbi ìwé ọlọ́rà náà kó tó mọ ohun tó ń ṣe. NyaMhango rí i. "Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu," ló wí. "Mo mọ ìwé kà." Ó sì jáde.

Ojú ti Lusungu débi pé kò lè jẹun. Ó fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí NyaMhango lọ́fẹ̀ẹ́, kò wọlé. Obìnrin náà ti dí nọ́ńbà Lusungu. Ó bẹ Kumwenda pé kí ó gba owó rẹ̀ padà kó sì yọ ìyá náà kúrò. Ọlọ́ṣẹ na ìwé sí i: "Anti, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ kọ 'ọdún méjì' síbí?" Ìlérí ni ìlérí. Lusungu dúró de ọdún méjì bí ẹlẹ́wọ̀n.

Lọ́jọ́ tí ó pé, Kumwenda fẹ́ san ti ọdún méjì mìíràn. Lusungu kọ̀. Ó ní kó pa àwòrán náà rẹ́ lójú òun, òun náà pa tirẹ̀ rẹ́ níbi gbogbo tó wà, kí ó má baà tún dé ọwọ́ oníṣòwò kankan. Lẹ́yìn náà ó wọ ọkọ̀ lọ sí Ekwendeni, ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ ya ìwé kúrò lára ògiri, wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ̀ ti fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

Onílé ìtajà ń wò ó. "Kí la fẹ́ sọ fún ìyá yẹn báyìí?"

"Ìyá wo?"

"Oníyẹ̀fun. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń wá nu àwòrán náà. Ó máa ń bá a sọ̀rọ̀ pàápàá."

Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà. NyaMhango ti ń bọ̀ lápá kejì títì, ó mú ìgò omi kan àti àkísà mímọ́ kan dání. Ó dúró níwájú ògiri. Ó wo ilẹ̀, níbi tí ìwé yíya wà nínú ẹrẹ̀, ó wá wo Lusungu.

"Mo rò pé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn," ni Lusungu wí. "Mama, ẹ jókòó. Mo ṣì ní gbogbo ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ sọ. Màá pè é padà."

Wọ́n jókòó sórí àtẹ̀gùn ilé ìtajà náà. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún méjì, àwọn tó ni ẹ̀rọ ti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà kò sì mú ojú kan náà jáde mọ́. Ìyá mẹ́rin yọ, àlejò ni gbogbo wọn. Mẹ́rin mìíràn yọ. Lusungu kò ka iye ìgbà.

"Ẹ tún un júwe fún mi, Mama. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

"Ó dúdú," ni NyaMhango wí, ó di àkísà náà mú lórí itan. "Ó ní èjí. Àpá wà lókè ojú òsì. Ó ró aṣọ, ó so ó sápá..." Ó gbé ọwọ́ sí àyà ara rẹ̀, ó gbé e lọ sápá kan, ó gbé e lọ sápá kejì.

"Lusungu, apá wo ni mo sọ fún ẹ nígbà yẹn?"