Ahọ́n tí Máìgádì Yọ sí Mi

Ní Ẹ̀jìgbò, ẹni tí kò bá tíì dé Àbíjàn rí, dandan ni kó ní ẹbí níbẹ̀. Màmá mi ti ń ta aṣọ níbẹ̀ láti ìgbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá bàbá mi ni èmi dàgbà sí, mo di tíṣà ní Máṣífà, n kò sì mọ Faransé ju "bonjour" tí àwọn tó ti ibẹ̀ dé fi ń kí wa.

Nígbà tí àbúrò mi ọkùnrin tó ń gbé lọ́dọ̀ màmá ní Àbíjàn pè mí pé àìsàn ti dá màmá dùbúlẹ̀ ní ọsibítù, mo kọ́kọ́ lọ sí báńkì. Wọ́n fi dá mi lójú pé káàdì mi yóò ṣiṣẹ́ lẹ́yìn odi. Mo wọkọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì tí mo débẹ̀, dókítà kọ abẹ́rẹ́ kan. Àbúrò mi ló túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún mi: "Wọ́n ní abẹ́rẹ́ yìí gbọ́dọ̀ wọ màmá lára kí ọ̀sán tó pọ́n, ẹ̀gbọ́n mi." Nọ́ọ̀sì ti so okùn mọ́ apá àbúrò mi, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí màmá lára. Kò lè dìde. Owó sẹ́fà ibẹ̀ tí mo mú dání sì ti tán. Mo fẹsẹ̀ rìn lọ síbi ẹ̀rọ ATM tó wà ní ìkóríta.

Bí mo ṣe máa ń ṣe nílé náà ni mo ṣe: mo ki káàdì bọ̀ ọ́. Faransé yọ lójú ẹ̀rọ. Mo rí "code", mo mọ̀ pé píìnì ni, mo tẹ̀ ẹ́. Ọ̀rọ̀ bíi mẹ́fà tò síwájú mi. Mo tẹ ọ̀kan. Ẹ̀rọ pọ ìwé pélébé kan jáde, ó sì dá káàdì mi padà. Iye tó kù nínú àpò owó mi ló wà lára ìwé náà. Owó kankan kò jáde.

Ni máìgádì báńkì bá sún mọ́ mi. Ó ń wí nǹkan. Nígbà tó rí i pé n kò gbọ́, ó yọ ahọ́n, ó fi ìka kàn án, ó sì na ìka náà sí ojú ẹ̀rọ. Inú bí mi. Ṣé àkókò tí ìyá mi wà láàrin ikú àti ìyè ni èèyàn ń yọ ahọ́n sí mi?

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo tún ki káàdì náà bọ̀ ọ́. Mo tún tẹ píìnì. N kò mọ èyí tí n ó tẹ̀ lẹ́yìn náà. Ibi tí mo ti ń wo àwọn ọ̀rọ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ké. Máìgádì pariwo, ó nàka sí ẹnu ẹ̀rọ: káàdì mi ti yọ síta! Mo já a gbà. Ẹ̀rọ kan ti gbé káàdì tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi mì rí nítorí pé kò tètè mú un. Bí èyí bá gbé tèmi mì, ta ni n ó sọ fún, èdè wo ni n ó sì fi sọ ọ́?

"Olúwa mi o, kí ni n ó ṣe?" Ó bọ́ lẹ́nu mi.

"Ọmọ mi, ṣé ará ilé ni ọ́?"

Ìyá àgbà kan lórí ìlà ló sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìbòrí funfun lórí wọn. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ dà bí ti àwọn ará ilé mi gan-an. Síbẹ̀ mo di káàdì mọ́ àyà. Wọ́n rí i.

"Mi ò ní fọwọ́ kàn án, mi ò sì ní wò ọ́. Káàdì kọ́ lo máa kọ́kọ́ fi sí i. Èdè ni. Ohun tí máìgádì ń sọ nìyẹn. Bí Faransé ṣe ń pe ahọ́n ni wọ́n ń pe èdè."

Ojú tì mí.

"Wo ìsàlẹ̀ ojú ẹ̀rọ, kó o tó ki nǹkan kan bọ̀ ọ́. Ṣé o rí Gẹ̀ẹ́sì?"

Ó wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì kan. Ibẹ̀ ló ti wà látàárọ̀.

"Mo rí i, mà."

"Tẹ̀ ẹ́. Ó yá, káàdì." Wọ́n yí padà, wọ́n kọjú sí títì.

Mo ki káàdì bọ̀ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì yọ, ó béèrè píìnì, mo tẹ̀ ẹ́. Mo rí ibi tí wọ́n ti ń gba owó, mo tẹ iye tí mo fẹ́. Ẹ̀rọ ń kùn, ó ń kùn, mo rò pé kò ní parí. Káàdì kọ́kọ́ jáde, mo mú un. Lẹ́yìn náà ni owó jáde.

Mo kúnlẹ̀ níbẹ̀ fún ìyá náà. Wọ́n ní, "Dìde, máa sáré lọ."

Mo bẹ máìgádì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó rẹ́rìn-ín, mo sì sáré lọ sílé oògùn. Wọ́n gún abẹ́rẹ́ náà kí ọ̀sán tó pọ́n. Títí di ìrọ̀lẹ́, èmi àti àbúrò mi jókòó, a ń wo àyà màmá bó ṣe ń lọ sókè sódò. Nígbà tí màmá lajú, wọ́n bi mí pé:

"Ta ló ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì rẹ tí o fi sílẹ̀ ní Máṣífà?"

Mo bú sẹ́kún.