Lẹ́tà Toheebat sí Ilé-Ìbórẹsì

Látìgbà tí ìjọba ti ti bọ́dà, tí ìrẹsì òkèèrè sì wọ́n, ilé-ìbórẹsì kan ní Ayétòrò kò sinmi mọ́. Ibẹ̀ ni Toheebat, tó ń kọ́ iṣẹ́ iná ní póólì Ìlaròó, bá ìyá rẹ̀ gbé ìrẹsì oko wọn lọ. Ẹ̀rọ ń kú lójú wọn. Bó bá ti kú, òṣìṣẹ́ kan á tẹ bọ́tìnnì, á tún tan án. Nígbà tó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹrin, Toheebat sún mọ́ ẹ̀rọ náà láti wò ó dáadáa. Ta ló ń fi ẹ̀rọ ṣeré báyìí?

Oṣù mẹ́rin ni iléèwé ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kọ́ṣẹ́ níbi iṣẹ́. Ẹni tí kò bá mú lẹ́tà ìgbàwọlé dé lọ́jọ́ Jímọ̀, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ilé-ìbórẹsì yìí kò kéde pé àwọn ń wá akẹ́kọ̀ọ́, síbẹ̀ Toheebat kọ̀wé sí wọn. Ó kọ ohun tó rí, ó ní ó jọ pé ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná fún ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ dáadáa, pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ oníná wọn. Ó fi lẹ́tà iléèwé tì í, ó sì gbé e lọ fúnra rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Caleb, ọ̀gá ọ́fíìsì, ka ìlà méjì, ojú ẹ̀ sì le.

"Ṣé a kéde iṣẹ́ ni? Àbí kọ́sítọ́ọ̀mù ló rán ẹ pé kó o wá máa ṣọ́ wa?"

"Rárá o, sà. Mo kàn rí i ni."

Ó ju lẹ́tà náà padà sí i. "Lọ kọ irú èyí tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ ń kọ!"

Ọjọ́rú ti lọ, Jímọ̀ sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Toheebat lọ bá Fọlákẹ́ tó ń tẹ̀wé ní Ìlaròó. Lẹ́tà kan ṣoṣo ni Fọlákẹ́ ní nínú kọ̀ǹpútà fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó ń wá ibi iṣẹ́, orúkọ àti déètì nìkan ló ń yí. Nígbà tí Toheebat kà á, ó rí i pé láàárín rẹ̀, ó ṣì ń bẹ "ilé-iṣẹ́ oúnjẹ adìẹ yín tó wà ní Ọjà-Ọ̀dàn." Ó fẹ́ ní kí Fọlákẹ́ tún un ṣe, ó tún fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá Ọ̀gbẹ́ni Caleb tilẹ̀ ń ka ìwé tí wọ́n bá mú wá.

Nígbà tó mú un padà dé Ayétòrò, Caleb kò kà á. Ó lu òǹtẹ̀, ó buwọ́ lù ú, ó sì fún un ní lẹ́tà ìgbàwọlé lójú ẹsẹ̀. Ibi tí Toheebat ń wá náà ló rí, síbẹ̀ ó rí lára rẹ̀ bí ẹni tó jẹ ẹyin bíbàjẹ́.

Lọ́jọ́ kẹta tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹ̀rọ jó. Èéfín dúdú bo gbogbo àgbàlá, àwọn tó kó ìrẹsì wá ń pariwo. Ọ̀gbẹ́ni Caleb sáré jáde.

"Kí ló dé tẹ́nikẹ́ni ò sọ fún wa?"

 Toheebat yọ lẹ́tà àkọ́kọ́ tí Caleb jù padà sí i nínú báàgì rẹ̀, ó tẹ̀ lé e wọ ọ́fíìsì, ó sì gbé e ka iwájú rẹ̀. Caleb kò wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ó na ọwọ́, ó ń wá òǹtẹ̀.