Àgò Yà Tí Kò Ṣílẹ̀kùn

Ayédé ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń gbé. Àrùn rọpárọsẹ̀ mú un lápá ọ̀tún, ó sì gba ohùn lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo jẹ́ tíṣà ìjọba ní ìpẹ̀kun ìpínlẹ̀ wa lọ́hùn-ún, òpin ọ̀sẹ̀ nìkan ló ń ráyè wá. Aládùúgbò kan ló ń tọ́jú màmá láàárín ọ̀sẹ̀. Nígbà tí aládùúgbò náà sọ pé òun fẹ́ lọ gbé lọ́dọ̀ ọmọ òun ní Ìbàdàn, kò sí ọ̀nà mìíràn mọ́: tíṣà gbọ́dọ̀ gba ìyípadà sí ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé.

Orí ìkànnì ìjọba nìkan ni wọ́n ti ń bèèrè ìyípadà, ọ̀sẹ̀ méjì péré ni wọ́n sì fi ṣí i.

Ní ọjọ́ kẹta, tíṣà pè mí ní Ìkọ̀lé tí mo ń gbé. “Dádì Ìkọ̀lé, gbogbo ìgbà tí mo bá dé ibẹ̀, ‘Ẹ padà wá láìpẹ́’ ni mo ń bá.”

Oníròyìn ni mí; mo pe ọ̀gá tó ń bójú tó ìkànnì náà. Ó ní, “Tiwa ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì yín ni kí ẹ bá wí.”

Inú bí mi. Mo wọ takisí lọ sí Òyè, lọ bá obìnrin kan tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo sọ fún un pé ìkànnì kan kò ṣí, pé ẹ̀rí ni mo ń wá.

“Kò le, Dádì,” ló wí. Kò kọ ju ogún ìlà lọ. “Ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, ètò yìí á kan ilẹ̀kùn wọn, á ní àgò. Á kọ nọ́ńbà tí wọ́n fi dáhùn sílẹ̀, á kọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ìdáhùn fi dé. 200, àgò yà nìyẹn. 503, onílé ò ráyè. Bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá bá kọjá láìsí ìdáhùn, á kọ ọ́ pé kò sẹ́ni.” Ó tún ní kí ètò náà máa kan ilẹ̀kùn ìkànnì mìíràn, kí wọ́n má baà tún di ẹ̀bi ru nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa.

Ọjọ́ mẹ́fà ni ètò náà fi ṣiṣẹ́. Mo ti ń kánjú. Mo ní kí obìnrin náà fi àkọsílẹ̀ rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀gá lórí ímeèlì, èmi kò sì kọ́kọ́ kà á.

Ọ̀gá pè mí kí n tó dé Ìkọ̀lé. Ohùn rẹ̀ tutù. “Bàbá oníròyìn, ẹ ṣeun. Ẹ ti bá wa jẹ́rìí. 200 ló kún inú rẹ̀, ìdá kan nínú márùn-ún ìṣẹ́jú àáyá la sì fi ń dáhùn. Mo ti fi ṣọwọ́ sí àwọn ọ̀gá mi.”

Mo yíjú padà sí Òyè. Obìnrin náà wo àkọsílẹ̀ títí. Ó bi mí pé, “Kí ni tíṣà ń rí gan-an tó bá dé ibẹ̀?”

Mo sọ fún un.

“Ẹ ò sì sọ ọ́ fún mi.” Ó ṣí ojú ewé náà wò. “Dádì, ulé ṣófo. Ìwé ‘Ẹ padà wá láìpẹ́’ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ló ń dáhùn pé àgò yà. Ìdí nìyẹn tó fi yá báyìí.”

Ogójì ọdún ni mo ti fi ń kọ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí sílẹ̀ bó ṣe jáde lẹ́nu wọn. Ti ọmọ ẹ̀gbọ́n mi nìkan ni mo fò.

Ó fi ìlà díẹ̀ kún un, kí ètò máa wò bóyá fọ́ọ̀mù ìyípadà wà lójú ewé. Láti ìgbà náà, ohun tó ń kọ ni: 200, kò sí fọ́ọ̀mù. Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ ìkẹyìn, ó kọ pé fọ́ọ̀mù wà; ìdáhùn gba ìṣẹ́jú àáyá mọ́kàndínlógún. Mo pe tíṣà. Ó fi kíláàsì sílẹ̀, ó kọ ọ́ dé ìlà tó kẹ́yìn, ó tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́. 503.

Kò ṣí mọ́ títí ọ̀sẹ̀ méjì fi pé. Mo fi àkọsílẹ̀ tuntun ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Ó ní, “Èwo ni ká wá gbà nínú méjèèjì, bàbá? Ti àkọ́kọ́ ti wà nínú fáìlì.”

Aládùúgbò ti lọ sí Ìbàdàn. Èmi ni mo ń lọ sí Ayédé báyìí láàárín ọ̀sẹ̀, nígbà tí orúnkún mi bá gbà. Ní Jímọ̀ tó kọjá, èmi àti tíṣà jọ dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, “Àgò o, Màámi.” Ó dúró díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí màmá ṣì lè dáhùn. Lẹ́yìn náà, ó ti ilẹ̀kùn, ó wọlé.