Àgbàdo Nìkan, Ẹ̀gúsí Nìkan

Gàrí ni mo ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gáréèjì Ìkòròdú nígbà náà, àbúrò mi ọkùnrin sì ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ẹ̀kọ́ nípa oko ló ń kọ́ nílé ẹ̀kọ́ gíga kan tí kò jìnnà sí wa. Èmi kò ka ìwé kọjá alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nítorí náà nígbà tó sọ fún mi pé wọ́n máa dán òun wò lórí bí wọ́n ṣe ń gbin àgbàdo, ẹ̀rín pa mí débi pé mo da gàrí oníbàárà sílẹ̀.

Mo ní, "Ìyá wa tó ti ń gbin àgbàdo látìgbà tí wọn ò tíì bí ọ, ta ló dán òun wò?"

Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́. Mo ti fìdí rẹmi nínú ìdánwò yìí lẹ́ẹ̀kan. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, wọ́n á ní kí n máa lọ sílé ni."

Ẹ̀rín mi dúró síbẹ̀, àmọ́ kò pẹ́ púpọ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn. Níbi tí ẹlòmíràn ti ń sunkún, èmi á ti rí ohun tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀nà méjì ni ìdánwò náà pín sí. Àkọ́kọ́, wọ́n á bi í léèrè lẹ́nu nípa bí wọ́n ṣe ń yí irúgbìn po lórí ilẹ̀, ìyẹn ni pé ohun tí wọ́n gbìn síbí lọ́dún yìí kọ́ ni wọ́n á gbìn síbẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Èkejì, ó gbọ́dọ̀ dá oko tirẹ̀, kó gbin irúgbìn méjì pọ̀, kó sì fi ìṣirò hàn bóyá gbígbìn wọ́n pọ̀ sàn ju kí oníkálukú wà lọ́tọ̀.

Ti ẹnu yẹn, ìdí ìsọ̀ mi la ti kọ́ ọ. Bí mo bá ń wọn gàrí, màá máa bi í.

"Lẹ́yìn àgbàdo ńkọ́?"

"Ẹ̀wà tàbí ẹ̀pà."

"Torí kí ni?"

"Torí àgbàdo máa ń jẹ ọ̀rá ilẹ̀ gan-an. Àwọn kókó kéékèèké kan wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí ló ń gbé inú wọn. Àwọn ló ń mú oúnjẹ ilẹ̀ láti inú afẹ́fẹ́."

"Lẹ́yìn tòmátì, ṣé ká gbin ata?"

"Rárá. Ìdílé kan náà ni tòmátì, ata àti ikàn. Àìsàn tí ọ̀kan bá fi sílẹ̀ sínú ilẹ̀ ló máa mú èkejì."

"Bíi ti ìdílé àwọn ọkọ mi gẹ́lẹ́."

Obìnrin kan tó ń ra gàrí wò wá títí, ó ní, "Ìyá Onígàrí, ṣé gàrí lẹ̀ ń tà ni, àbí lẹ́sìnnì?"

Mo ní, "A ń ta méjèèjì. Gàrí nìkan la ń gba owó ẹ̀."

Oko ló ku. Ilẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wọn kò tó, wọ́n ní ẹni tó bá ní ilẹ̀ bàbá ẹ̀ nítòsí lè lò ó. Ìyá wa ń dáko lápá Àgbọ̀wá, lórí ìwọ̀nba ilẹ̀ tí àwọn mọ̀lẹ́bí bàbá wa kò tíì tà. Ibẹ̀ ni àbúrò mi lọ. Ó fi okùn pín ilẹ̀ náà sí wẹ́wẹ́. Ó gbin àgbàdo nìkan síbì kan, ó gbin ẹ̀gúsí nìkan síbì kejì, ó gbin àgbàdo pẹ̀lú ẹ̀gúsí síbì kẹta, ó sì tún un ṣe bẹ́ẹ̀ káàkiri oko, kí wọ́n má baà sọ pé ibi tí ilẹ̀ ti dára ló mú.

Mo lọ kí wọn lọ́jọ́ náà. Ìyá wa dúró sẹ́bàá oko, ó di ọwọ́ mọ́ àyà.

Ó ní, "Àgbàdo nìkan? Gbogbo ilẹ̀ tó wà láàárín ẹ̀ yẹn ńkọ́?"

Àbúrò mi ní, "Bẹ́ẹ̀ ló ṣe gbọ́dọ̀ wà, Màmá. Ìyẹn ni wọ́n máa fi wo èkejì."

"Ta ló máa wò ó?"

"Olùdánwò ni, Màmá."

"Ẹ̀ẹ́n." Ìyá wa bẹ̀rẹ̀, ó fa koríko kan tu. Ó yẹ kí n ti mọ̀ pé bí obìnrin yẹn bá ti ṣe "ẹ̀ẹ́n" báyẹn, ọ̀rọ̀ kò tíì tán.

Ọ̀nà tí àbúrò mi gbà ṣàlàyé ìṣirò náà fún mi yé mi ju bí mo ṣe rò lọ. Ó ní ká sọ pé àgbàdo inú àpòpọ̀ mú èso ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ohun tí àgbàdo tó dá wà mú wá. Ká sọ pé ẹ̀gúsí inú àpòpọ̀ sì mú ìdajì ohun tí ẹ̀gúsí tó dá wà mú wá. Bí a bá ro méjèèjì pọ̀, ó ju odidi kan lọ pẹ̀lú ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyẹn ni pé oko kan tí wọ́n gbìn pọ̀ ń ṣe iṣẹ́ oko kan àti díẹ̀ sí i tí wọ́n bá gbìn wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Bí kò bá tó odidi kan, òfò ni. Àmọ́ bí èyí tó dá wà kò bá sí, kò sí ohun tí wọ́n máa fi wọn nǹkan kan.

Mo ní, "Bíi kí wọ́n ní kí n wá ta gàrí láìsí kóńgò."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni."

Lẹ́yìn èyí ló wọlé ìdánwò oníwèé ti àwọn ẹ̀kọ́ yòókù, kò sì lè lọ sóko fún bí oṣù kan ó lé. Ìyá wa ló ń bá a ro oko. Nígbà tó tó àsìkò kí olùdánwò wá, àwa méjèèjì jọ lọ sí Àgbọ̀wá láti lọ wò ó. Ọkàn ẹ̀ balẹ̀ nínú mọ́tò, ó tilẹ̀ ń bá mi ṣàwàdà pé òun á fi mí ṣe olùkọ́ bí òun bá parí.

Nígbà tí a débẹ̀, mo wo oko, ó lẹ́wà. Àgbàdo ti ga, ẹ̀gúsí ti bo ilẹ̀ láti òpin kan dé òpin kejì, koríko ò rí àyè hù. Mo ní, "Wo bó ṣe dára!"

Àbúrò mi ti wọ inú oko lọ. Ó ń rìn láàárín oko, ó ń wo ibí, ó ń wo ọ̀hún. Okùn tó fi pín ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àmọ́ kò sí ohun tó ń pín mọ́. Ẹ̀gúsí wà níbi àgbàdo nìkan. Àgbàdo wà níbi ẹ̀gúsí nìkan. Gbogbo ẹ̀ ti di ọ̀kan náà.

Ìyá wa jáde láti abẹ́ àtíbàbà, inú ẹ̀ ń dùn. "Ṣé ẹ rí i? Mo bá a dí gbogbo àlàfo yẹn. Àwọn tó ń kọjá ti ń fi wá ṣẹ̀sín, wọ́n ní ọmọ ìyá yìí kàwé kàwé, kò mọ oko dá. Mo ní kí n bò ọ́ láṣírí kí olùdánwò tó dé."

Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ìkà? Kò sí àgbẹ̀ kan lápá ibẹ̀ tó máa gbin àgbàdo kó fi ìdí ẹ̀ sílẹ̀ lásán. Ojú tì í fún ọmọ ẹ̀ bí ẹni tó rí i tó jáde láìwọ ṣòkòtò.

Ẹ̀rín gbọ̀n mí. N kò lè dá a dúró. Àbúrò mi wò mí, mo sì fi ọwọ́ bo ẹnu.

Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo ní, "Ṣé ká fa èyí tí kò yẹ tu?"

"Wọ́n ti jọ jẹun lórí ilẹ̀ kan náà láti bí oṣù kan, Àǹtí mi. Bí mo bá fà á tu lónìí, irọ́ ni nọ́ḿbà tó bá jáde. Ẹ̀yin náà ẹ wo ojú Màmá."

Mo wo ojú ìyá wa. A kò fa nǹkan kan tu.

Olùdánwò dé lọ́jọ́ kejì, ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tó ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn wá. Ó kọ́kọ́ bi àbúrò mi ní ti ẹnu, ó sì dáhùn gbogbo ẹ̀ bí omi. Ìyẹn ló dùn mí jù. Olùdánwò wá béèrè pé kí ló wà lórí ilẹ̀ yìí lọ́dún tó kọjá.

"Ẹ̀gẹ́, sà."

"Èyí tó ṣáájú rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ̀gẹ́ náà ni, sà."

"Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún mi pé kí wọ́n máa yí i po?"

Ìyá wa dá sí i. "Ọ̀gá, a máa ń yí i po tẹ́lẹ̀. Ibi tí a ń yí i lọ ni wọ́n ti mọ fẹ́ǹsì sí yẹn." Ó fi ọwọ́ júwe ògiri búlọ́ọ̀kù kan tó gùn lọ sápá odò.

Olùdánwò wo fẹ́ǹsì náà, ó mi orí. Ó wá yíjú sí oko. "Ó dáa. Fi àgbàdo tó dá wà hàn mí."

Àbúrò mi ní, "Kò sí mọ́, sà." Ó ṣàlàyé, kò sì dárúkọ ìyá wa. Ó ní wọ́n ṣèèṣì gbìn ín kún un nígbà tí òun kò sí nílé ni.

"Wọ́n ṣèèṣì kẹ̀?" Ìyá wa ní, "Èmi ni mo gbìn ín, sà! Mo fara balẹ̀ gbìn ín ni!"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó yìn ín, ó ní oko náà dára, ẹ̀gúsí yẹn ò ní jẹ́ kí oòrùn gbẹ ilẹ̀. Ìyá wa sọ pé kí wọ́n bá òun gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò wá fún ọ̀gá. Ọ̀gá sì bi àbúrò mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Ọmọ mi, kí lo fẹ́ fi wọn àpòpọ̀ náà báyìí?"

Àbúrò mi ní, "Kò sí, sà."

"Mo mọ̀ pé o mọ̀ ọ́n. Àmọ́ ohun tó wà nílẹ̀ ni mo lè fún ní máàkì." Ó mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ẹ̀ tán, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wa, ó lọ.

Nígbà tí èsì jáde, àbúrò mi nìkan ló lọ wò ó. Ó padà wá síbi ìsọ̀ mi, ó jókòó sórí àpò gàrí. Mo wá ohun tí mo máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ kiri, n kò rí i. Ìyá wa, a sọ fún un pé ilé ẹ̀kọ́ ni kò ṣe dáadáa. Ó bú wọn, ó ní wọn ò mọ oko. Títí di òní ló ṣì ń bú wọn.

Àbúrò mi padà sí Àgbọ̀wá. Nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo lọ kí wọn. Ilẹ̀ tó kù ti kéré sí i, wọ́n ti ri òpó sọ́fíò ti àwọn tó ra ilẹ̀ sí apá kan. Ìyá wa ń ju àgbàdo sínú poro, àbúrò mi ń tẹ̀ lé e, ó ń ju ẹ̀gúsí sáàárín ẹ̀, kò fi àlàfo kankan sílẹ̀.

Ìyá wa bojú wẹ̀yìn, ó ní, "Ṣé o ti wá mọ̀ ọ́n báyìí?"

Ó ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n, Màmá."