Kọ́rídọ̀ Ilé Alhaji Zakariyah

Ọ́fíìsì kan wà ní Ìjẹ̀bú-Òde tí ó jẹ́ ti Mọ́ṣádé àti ọkọ rẹ̀, Aaron. Ayàwòrán-ilé ni àwọn méjèèjì. Tábìlì wọn kọjú síra, òfin kan ṣoṣo ló sì so wọ́n pọ̀ lẹ́nu iṣẹ́: ẹni tó ya pláànù kọ́ ni yóò yẹ̀ ẹ́ wò kí oníbàárà tó fojú kàn án. Aaron ló fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe òfin náà. Láti ìgbà náà ló ti ń jìyà rẹ̀.

Ìdí ni pé Mọ́ṣádé kì í wo pláànù bí ẹni ń wo àwòrán. Gbígbé ló máa ń gbé inú rẹ̀. Yóò fi ẹnu bírò gba ẹnu ọ̀nà wọlé, yóò bọ́ bàtà, yóò gbé omi lọ sí balùwẹ̀, yóò tẹ́ ọmọ sùn. Ibi tí ara kò bá ti rọ̀ ọ́, yóò fa ilà pupa síbẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, ilé Alhaji Zakariyah ló wà lórí tábìlì. Pákó àti páànù ni Alhaji ń tà. Ó ra ilẹ̀ sí Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀, ó fẹ́ kọ́ ilé tí òun, ìyàwó rẹ̀ Hikmah, àti ìyá rẹ̀ arúgbó yóò jọ máa gbé. Ọjọ́ kejì ló ń bọ̀ wá wo pláànù. Aaron ti parí rẹ̀, ó ti kùn ún, ó tilẹ̀ ti fi kọ̀ǹpútà gbin ọ̀pẹ méjì síwájú ilé.

Bírò Mọ́ṣádé wọlé, kò sì tètè jáde.

"Níbo lo wà?" ni Aaron bi í.

"Inú kọ́rídọ̀ ni, Bàbá Tiwaladé. Ẹ jẹ́ kí n rìn ín dópin ná."

Kọ́rídọ̀ náà gba àárín ilé kọjá láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò ní fèrèsé kankan. Ilẹ̀kùn ló tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Mọ́ṣádé ní kí ọkọ òun ṣírò ààyè tó gbà. Aaron ṣírò rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ bo ibi tó kọ ọ́ sí. Ó ju yàrá ìyá Alhaji lọ.

"Kọ́rídọ̀ máa ń fún ilé níyì," ni ó wí.

"Hòtẹ́ẹ̀lì ló ń fún níyì. Alhaji á ra búlọ́ọ̀kù sí i, á ra táìsì sí i, á tún máa tan iná níbẹ̀ lọ́sàn-án gangan, kò sì sẹ́ni tí yóò ṣe nǹkan kan níbẹ̀ ju kó gbabẹ̀ kọjá."

Ó bọ́ sí yàrá ìyá Alhaji. Ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà dagun, Aaron sì ti jẹ́ kí ògiri tẹ̀ lé ọ̀nà. Yàrá wá fẹ̀ níhìn-ín, ó tín-ín-rín lọ́hùn-ún, bíi kéèkì tí wọ́n gé fún ọmọdé. Mọ́ṣádé ní kí ó gbé bẹ́ẹ̀dì sí i. Ibi àkọ́kọ́, ilẹ̀kùn gbá bẹ́ẹ̀dì. Ibi kejì, bẹ́ẹ̀dì dí fèrèsé. Aaron wá tì í sí ibi tó tín-ín-rín.

"Màmá á máa rá wọ orí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn," ni Mọ́ṣádé wí. "Ilé ìdáná ńkọ́? Ó wà lẹ́yìn, tábìlì ìjẹun wà níwájú, pálọ̀ sì wà láàárín wọn. Ọbẹ̀ á kọ́kọ́ kí àlejò kó tó dé orí tábìlì."

Inú bí Aaron. "Orí ìwé ló ti rí bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá kọ́ ọ tán, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀ ọ́n lára."

Mọ́ṣádé dìde. Ó mú téèpù, ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọrí sí àgbàlá. Orí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ya ilé Alhaji sí, bí yóò ṣe tóbi tó gan-an, Aaron ń fa téèpù, ó ń kùn sínú.

Wọ́n gbé àga ike sí pálọ̀. Mọ́ṣádé jókòó bí àlejò, ó na ẹsẹ̀. Aaron gbé àwo omi láti ilé ìdáná, kó dúró fún ọbẹ̀. Ó yà fún àga kan, ó fẹsẹ̀ kọ ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, omi sì dà sí i lára.

"Ẹ gbé èyí tó kù lọ," ni Mọ́ṣádé wí, ó ń gbọn aṣọ. "Àlejò fẹ́ tọ̀ wàyí. Níbo ni kó gbà?"

Ìparí kọ́rídọ̀ ni, lẹ́yìn gbogbo yàrá. Mọ́ṣádé ní kí Aaron lọ dùbúlẹ̀ sí yàrá Màmá, kí àwọn lè mọ ohun tí àlejò máa rí bí ilẹ̀kùn bá ṣí sílẹ̀. Ó dùbúlẹ̀ gbalaja sí orí sìmẹ́ńtì, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì yọ kọjá ilà ògiri.

Ibẹ̀ ni mọ́tò Alhaji wọlé. Òun àti Hikmah lọ kí ènìyàn ní Ibefun, wọ́n sì rò pé kí àwọn kúkú yà wò ó lónìí. Alhaji bọ́ sílẹ̀, ó rí ayàwòrán-ilé rẹ̀ ní ìdùbúlẹ̀, aṣọ Mọ́ṣádé sì tutù rinrin.

"Ṣé kò sí o?" ni ó bi wọ́n.

Aaron fẹ́ dìde. "Ẹ má dìde, ẹ ṣì ń sùn," ni Mọ́ṣádé wí fún un. Ó yíjú sí Alhaji, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀ sílé yín, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ẹnu ọ̀nà. Orí ògiri lẹ dúró sí yẹn."

Alhaji wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó sún kúrò, ó rìn yí dé ẹnu ọ̀nà, ó sì sálámà kó tó wọlé. Hikmah ti wà nílé ìdáná ní tirẹ̀.

"Níbo ni mo máa gbé oúnjẹ gbà?" ni Hikmah bi Mọ́ṣádé, ìyẹn sì fi hàn án. "Lójú àlejò? Ṣé gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ gbé iyọ̀ ni mo máa lọ wá ìborí ni?"

Alhaji ń wo ẹni tó wà nílẹ̀. "Ta nìyẹn?"

"Màmá yín ni, sà."

"Kí ló dé tí ẹsẹ̀ wọn fi wà níta?"

"Yàrá ló há, Alhaji," ni Aaron dáhùn láti ilẹ̀.

Mọ́ṣádé wá ní òun yóò gé kọ́rídọ̀. Alhaji yára na ọwọ́. "Ẹ má gé ìyẹn o. Òun ni mo fẹ́ràn jù." Aaron jókòó, ojú rẹ̀ là. Wọ́n bi Alhaji pé kí nìdí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè.

"Ó ń hanrun ni," ni Hikmah wí. "Màmá ní bí ògiri yàrá wa bá kan tàwọn, àwọn á padà sílé àtijọ́ ní Ìjẹ̀bú-Imusin."

Mọ́ṣádé wo ilà kọ́rídọ̀ nílẹ̀. Ó ti gbé inú ilé yẹn láti ọ̀sán, kò sì gbọ́ ẹni tó ń hanrun. Aaron ló sọ̀rọ̀. "Ká fi kọ́bọ́ọ̀dù kún àárín yàrá méjèèjì láti ilẹ̀ dé àjà, kí tiyín kẹ̀yìn sí ti Màmá. Bí aṣọ bá kún inú rẹ̀, á dín ariwo kù púpọ̀. Ká tún fi balùwẹ̀ Màmá sáàárín wọn."

"Ìyẹn dára," ni Mọ́ṣádé wí. Kì í sábà sọ bẹ́ẹ̀.

Wọ́n nu ilà, wọ́n tún un yà. Wọ́n mú ògiri Màmá tọ́, igun ilẹ̀ tó ṣẹ́kù síta di ibi àlùwàlá. Ilé ìdáná fẹ̀gbẹ́ kan tábìlì ìjẹun. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àlejò wá sí ìtòsí ẹnu ọ̀nà. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kékeré kan tó ní fèrèsé ni yàrá gbogbo ṣílẹ̀kùn sí, kọ́rídọ̀ sì lọ. Hikmah gbé àwo láti ilé ìdáná, kò tíì mí tó fi dé tábìlì. Alhaji jókòó níbẹ̀, ó ń jẹ oúnjẹ tí kò sí.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Aaron gbọn eruku lára, kò wo ìyàwó rẹ̀. "O tẹ́ mi sílẹ̀ lójú oníbàárà."

"Màmá Alhaji ni mo tẹ́ sílẹ̀," ni Mọ́ṣádé wí. "Ẹ̀yin kọ́."

Aaron fẹ́ bínú sí i, ẹ̀rín gbà á lẹ́nu. Ó rín in títí ó fi di ògiri mú, ògiri tòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí, kó tó wọlé lọ tún pláànù yà.