Lẹ́tà Tí Mo Kọ Nípa Mílíọ̀nù Mẹ́jọ

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ sí Òṣogbo lọ rí ọmọbìnrin tó ń gbani nímọ̀ràn lórí owó, ẹ̀ẹ̀mẹta náà ni mi ò lè ṣàlàyé ohun tó gbé mi wá. Ló bá ní, "Màmá, ẹ lọ kọ ọ́ sínú ìwé: iye owó náà, ohun tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, àtohun tó ń bà yín lẹ́rù." Inú bí mi. Ṣé ọmọ ilé ìwé ni mí ni?

Síbẹ̀, nígbà tí mo padà dé Ìwó, mo jókòó ti ẹ̀rọ ìránṣọ mi, mo kọ ọ́. Mo ní olùkọ́ ni ọkọ mi tó kú, pé ó lé lọ́dún kan tí mo fi sáré láti kóòtù dé ọ́fíìsì kí wọ́n tó san owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà. Mo kọ owó ilé ìwé ọmọ mẹ́ta, òrùlé tó ń jò, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi. Mo ní Mùsùlùmí ni mí, mi ò fẹ́ owó èlé.

Ìbínú ni mo fi kọ ti ẹ̀rù. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi fẹ́ kó gbogbo owó náà fi ra ọkọ̀ akẹ́rù tí yóò máa kó iṣu láti Kuta. Ojoojúmọ́ ló ń wá. "Ìyàwó, kò yẹ kí owó àbúrò mi jókòó lásán." Ó sú mi. Mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, òun sì ti ń wá dírẹ́bà kiri. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Mo fi lẹ́tà náà ránṣẹ́, ọmọbìnrin Òṣogbo náà sì pè mí lórí fóònù. "Màmá, mo ti ka lẹ́tà yín, àmọ́ ẹ ò sọ ẹni tó ni owó náà. Ṣé ẹ ti pín ogún?"

Mo ní kí ló tún ń jẹ́ pínpín, ṣebí èmi ni ìyàwó. Ó ní kí n kọ́kọ́ bi àlùfáà wa. Mo fi ìbínú lọ. Àlùfáà ní níwọ̀n ìgbà tí òbí ọkọ mi méjèèjì ti kú, tí ọkọ mi sì bí ọmọkùnrin, ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tèmi, àwọn ọmọ ló ni ìyókù. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò ní nǹkan kan níbẹ̀. Mílíọ̀nù kan péré, èmi tí mo ti fi gbogbo rẹ̀ kan òrùlé lọ́kàn! Mo bínú títí mo fi délé.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi dé lọ́jọ́ kejì, mo kúnlẹ̀ kí i. Mo ní, "Bàbá, àlùfáà ní ìdá kan nínú mẹ́jọ ni tèmi, owó ọmọ òrukàn ni ìyókù. Mi ò lè fún yín."

Ó mu omi tí mo gbé fún un tán, ó gbé ife kalẹ̀. "Ó dáa. Tìẹ ńkọ́? Mílíọ̀nù kan náà á ṣe díẹ̀ lórí ọkọ̀ náà."

Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ṣì wà nígbà tó sọ bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo ní, "Rárá, Bàbá. Òrùlé ni mo fẹ́ fi tèmi ṣe."