Ìpínrọ̀ Tó Ń Kúnlẹ̀

Ọ̀gá mi ní yunifásítì ka ìpínrọ̀ mi tán, ó bọ́ awò ojú rẹ̀ sórí tábìlì, ó ní, "Ta lò ń bẹ̀ nínú pépà yìí?"

Mo ní, "Sà?"

"Mo ní ta lò ń bẹ̀. Gbọ́ ohun tó o kọ. 'Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé, bóyá, ní àwọn ìgbà mìíràn, a lè máa rò pé gàrí inú ọ̀rá fẹ́ jọ èyí tó tètè ń bu.' Ṣé gàrí náà bu àbí kò bu?"

"Ó bu, sà."

"Ó wá fẹ́ jọ bí?"

Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì náà ló sì kà jáde, àmọ́ bí ó ṣe rí létí ni mo túmọ̀ yìí. Lójú mi, Gẹ̀ẹ́sì ọ̀mọ̀wé ni. Àfi ìgbà tó kà á sókè ni mo gbọ́ ohùn ara mi nínú rẹ̀, ohùn ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ bí yóò ṣe jíṣẹ́ tí wọ́n rán an. Ojú tì mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo bàtà mi.

Ìwé másítà ni mò ń kọ, lórí bí a ṣe lè tọ́jú gàrí kó má bàa bàjẹ́. Ọ̀gá mi yìí ti ṣe irú iṣẹ́ náà nígbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú. Ohun tó rí nígbà náà ni pé gàrí tí a dì pa sínú ọ̀rá máa ń pẹ́ ju èyí tó wà nínú àpò lọ, nítorí ọ̀rá kì í jẹ́ kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ wọlé. Kò sí ẹni tó ń kọ̀wé nípa gàrí ní ẹ̀ka wa tí kì í tọ́ka sí i. Èmi wá lọ ra gàrí ní ọjà Aduwawa lásìkò òjò, mo pín in sí ọ̀rá àti àpò, mo gbé e kalẹ̀ sínú yàrá kan náà. Tinú ọ̀rá ló kọ́kọ́ bu. Mo tún un ṣe, òun náà ló tún kọ́kọ́ bu.

Ká ní ọ̀gá lásán ni, ì bá sàn. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ni òun àti bàbá mi jọ wà ní Benin níbí. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, òun ló ń pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú láti bi mí bóyá mo jí dáadáa. Nílé rẹ̀, Bàbá ni mò ń pè é. Báwo ni mo ṣe fẹ́ jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí n kọ ọ́ pé ohun tí mo rí yàtọ̀ sí tirẹ̀? Àwa tí wọ́n tọ́ pé kò sẹ́ni tí í bá àgbà jiyàn láìkọ́kọ́ sọ pé "ẹ má bínú," a máa ń rò pé ẹnu nìkan ni ẹ̀kọ́ náà mọ sí. Mi ò mọ̀ pé tèmi ti wọnú Gẹ̀ẹ́sì mi lọ, pé gbogbo "bóyá" tí mo tò síbẹ̀, "ẹ má bínú, sà" ni.

Ó mọ̀ ọ́n ní tirẹ̀. Ó ní, "'Bóyá' kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ibi tó ò bá ti mọ̀, o gbọ́dọ̀ sọ pé o ò mọ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó o fojú rí, sọ pé o rí i. Lọ tún un kọ. Àti pé mi ò ní fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ mi ló ń bá wí, bí mo bá bá ọ tún un ṣe, wọ́n á ní mò ń dá ẹjọ́ ara mi. Kà á fún wọn ní sẹ́mínà lọ́jọ́ Thursday."

Ọwọ́ sẹ́mínà yẹn ni gbogbo ọ̀ràn wà. Iwájú gbogbo olùkọ́ ẹ̀ka wa ni akẹ́kọ̀ọ́ ti máa ń ka àbájáde iṣẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá gbà á, ó di ìdánwò àṣekágbá. Bí wọn ò bá gbà á, ó di ọdún mìíràn.

Ìtìjú mi kì í pẹ́ kó tó di ìbínú. Ìyá mi máa ń sọ pé ilé bàbá mi ni mo ti gbé ìyẹn wá. Kí n tó dé ilé mi ní Ogida ni mo ti ń bá a jà nínú ọkàn mi. Ó ní mò ń bẹ̀bẹ̀? Ó dáa, mi ò bẹ̀ mọ́. Mo jókòó, mo ṣán gbogbo "bóyá" kúrò bí ẹní ń ro oko. Ohun tó ṣẹ́kù rèé: "Ìmọ̀ràn àtijọ́ pé ọ̀rá dára ju àpò lọ kò tọ̀nà. Gàrí inú ọ̀rá máa ń tètè bu ju ti inú àpò lọ." Mo kà á sókè. Ó dùn létí mi. Mo tún un kà, ó tún dùn sí i. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ Thursday pé, mo dúró síwájú wọn, mo kà á ketekete. Ọ̀gá mi jókòó ní ìlà àkọ́kọ́, ó di ọwọ́ mọ́ àyà. Mi ò wo ojú rẹ̀. Olùkọ́ kan wà ní ẹ̀ka wa, obìnrin ọmọ Ẹdó, tí kì í pariwo, tí kì í sì í rẹ́rìn-ín. Òun ló kọ́kọ́ nawọ́.

Ó ní, "Gàrí wo?"

Mo ní gàrí tí mo rà ní Aduwawa ni.

"Ìgbà wo?"

Mo ní àsìkò òjò.

"Nígbà tó o rà á, ṣé ó gbẹ dáadáa?"

Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti wọn ọ̀rinrin rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo rà á, iye rẹ̀ wà nínú àtẹ tí mo fi sí iwájú ìpínrọ̀ náà gan-an. Mo ní kò gbẹ tó.

Ó ní, "Níbo ni èyíkéyìí nínú wọn wà nínú ohun tó o kà fún wa? O ní gàrí inú ọ̀rá. Ti gbogbo ayé lo sọ yẹn, ti ẹ̀ẹ̀rùn, ti òjò, èyí tí wọ́n yan gbẹ, èyí tí wọn ò yan gbẹ. Iṣẹ́ àtijọ́ tó o ní kò tọ̀nà ńkọ́? Ṣé wọ́n yan gàrí tiwọn gbẹ kí wọ́n tó dì í?"

Wọ́n yan án gbẹ. Mo mọ ìyẹn náà. Mo ti kà á, mo tiẹ̀ ti kọ ọ́ sí orí kejì ìwé mi. Ìbínú ni kò jẹ́ kí n rántí rẹ̀ nígbà tí mò ń ṣán oko. Ẹnì kan lẹ́yìn sọ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Na which gari she come dey talk sef?" Àwọn tó wà nítòsí rẹ̀ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ní bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Iwájú tí mo wò, ọ̀gá mi ló jókòó síbẹ̀. Mo ti pe iṣẹ́ rẹ̀ ní ohun tí kò tọ̀nà lójú àwọn tó kọ́ níwèé, kò sì tọ́ kí n sọ bẹ́ẹ̀. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, àmọ́ ẹ̀sín tèmi nìkan kọ́ ni ti ọjọ́ yẹn, mo ti fa ọ̀gá mi lọ́wọ́ wọ inú rẹ̀.

Ó dìde. Mo rò pé yóò jáde. Ó kọjú sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní àbájáde mi dáa, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló wọ́, kí wọ́n jọ̀ọ́ kí wọ́n fún mi títí di ọjọ́ Monday láti tún un kọ. Obìnrin Ẹdó náà ní kò burú. Ọ̀gá mi, tí mo dójú tì lójú gbogbo èèyàn, ló wá ń bá mi tọrọ àyè. Ì bá sàn fún mi ká ní ó bú mi.

Mo tẹ̀ lé e dé ọ́fíìsì rẹ̀. Bó ṣe ti ilẹ̀kùn ni mo kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde. Níbí, o lè kúnlẹ̀, mo gbà. Lákọ̀ọ́kọ́ o kúnlẹ̀ sínú pépà. Lẹ́yìn náà o na ìka sí mi lójú. Fa àga yẹn, jókòó. Gbé pépà yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó o sọ ohun tó o rí fún mi ní Yorùbá."

Mo jókòó. Mo ní, "Gàrí tí mo rà ní Aduwawa lásìkò òjò ò gbẹ dáadáa kó tó dé ọwọ́ mi. Nígbà tí mo dì í pa sínú ọ̀rá, ó bu ṣáájú èyí tó wà nínú àpò. Tiyín, ẹ ti yan án gbẹ kẹ́ ẹ tó dì í."

"Kí ló fà á tí tìrẹ fi bu?"

"Omi tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ò rí ibi jáde."

"Ṣé o wọn ọ̀rinrin atẹ́gùn inú ọ̀rá náà?"

"Rárá, sà."

"Ibẹ̀ ni 'ó jọ pé' ń gbé. Ẹyọ kan. Má fi síbòmíràn. Ó yá, kọ ọ́."

Mo kọ ọ́ níbẹ̀, lójú rẹ̀. Ó ní kí n má lọ wá ọ̀rọ̀ ńlá, bí mo ṣe sọ ọ́ ni kí n ṣe kọ ọ́. Ó gùn ju èyí tí mo kà ní sẹ́mínà lọ, síbẹ̀ kò ní "bóyá" kankan, àfi "ó jọ pé" kan tó dúró síbi tí ó ní kó dúró. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé bí mo ṣe ń fi ààlà sí i, gàrí wo, ọjà wo, àsìkò wo, bẹ́ẹ̀ ni ọkàn mi ń balẹ̀ sí i. Kò sẹ́ni tó lè bi mí ní "gàrí wo" mọ́.

Ó gbà á, ó kà á, ó dá a padà. Ó ní, "Ta ni 'onímọ̀ kan' tó wà nínú gbólóhùn kejì?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni, sà."

"Fi orúkọ rẹ̀ sí i. Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́."

Bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ni orúkọ ìdílé lásán, kò sí Prof, kò sí sà, kò sí Bàbá. Mo kọ ọ́ sí i. Ó ní kí n kà á sókè. Mo bẹ̀rẹ̀, mo dé ibi orúkọ náà, ohùn mi wọlẹ̀.

"Mi ò gbọ́."

Láyé mi, mi ò tíì la ẹnu pe orúkọ àgbàlagbà ní ṣákálá lójú rẹ̀. Ojú ń tì mí débi pé etí mi gbóná. Mo gbé ohùn sókè, mo pe orúkọ tí àwọn ọmọ rẹ̀ pàápàá ò jẹ́ pè bẹ́ẹ̀, mo sì ka gbólóhùn náà dópin: pé gàrí tó ti yan gbẹ kó tó dì í ló fi ṣe iṣẹ́ rẹ̀, pé kò dán ti ọjà wò.

Ó mi orí, bíi pé ẹlòmíràn la ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ó ní, "Òótọ́ ni. Kò lọ sọ́jà."